Ta Ló Jẹ Gáàsì Wa?

Tísà físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Lálúpọn, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí omi ṣe ń gbóná. Ọdọọdún ni mo máa ń kọ ìbéèrè kan náà sójú pátákó: omi lítà mélòó kan wà nínú ìkòkò, iná kan wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣírò ooru tí yóò mú un hó. Lábẹ́ ìbéèrè náà ni mo máa ń fi gbólóhùn kan sí, èyí tí gbogbo tísà máa ń fi sí i kí ìṣirò má bàa le jù: ẹ má ka ooru tó bá sọnù kún. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, màá fi ìka gbá ẹfun kúrò lọ́wọ́, màá wo kíláàsì bí ẹni tó mọ gbogbo ohun tó wà láyé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà títí a fi bí àkọ́bí wa, tí ìyá ìyàwó mi sì wá wẹ ọmọ.

Àna mi kì í ṣe ènìyàn tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Abúlé kan ní ìhà wa níbí ni wọ́n ti wá, gàrí ni wọ́n ń dín láti ìgbà ọmọge wọn, apá wọn sì le bí igi obì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú báàgì kan, ọṣẹ dúdú inú ike kan, àti ìkòkò ńlá kan tí wọ́n gbé lé itan bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n súre fún mi, wọ́n sì gbé ìkòkò náà kọjá lórí mi wọ ilé ìdáná lọ. Láti ọjọ́ náà, ilé ìdáná kì í ṣe tèmi àti ìyàwó mi mọ́.

Ẹni tó bá ti bímọ rí nílẹ̀ yìí mọ ohun tí ń jẹ́ omi ìwẹ̀ ìyá ìkókó. Ogójì ọjọ́ ni wọn yóò fi máa fi omi gbígbóná tẹ ìyá ọmọ níkùn, wọn yóò máa ki aṣọ bọ omi, wọn yóò fún un, wọn yóò sì fi tẹ̀ ẹ́ láti ìdodo dé ìbàdí títí yóò fi máa pariwo. Láàárọ̀ ni, nírọ̀lẹ́ ni. Ti ìkókó fúnra rẹ̀ kò le, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n bá ti fi ìgúnpá tọ́ wò ti tó o. Ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ̀, àna mi ní omi ẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa: omi gbọ́dọ̀ jinná. Lójú àna mi, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó kò tíì jinná, bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó kò ṣe tíì jinná. Ó ní láti hó, kó tún hó, kó hó títí. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá kan wà nílé, òun ni wọ́n fi ń wọn omi náà. Ẹ̀kún rẹ̀ kan fún òwúrọ̀, ẹ̀kún rẹ̀ kan fún ìrọ̀lẹ́. Kí ìmọ́lẹ̀ tó là, wọ́n ti gbé e ka orí sítóòfù gáàsì, wọ́n ti ṣí iná rẹ̀ dé góńgó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n á kí Àsùbáà, wọ́n á jókòó ti tẹ̀súbáà wọn. Kò pẹ́ sí i, màá máa gbọ́ omi náà láti yàrá, á máa hó gọ̀tọ̀gọ̀tọ̀, tẹ̀súbáà ò sì tíì dé ìdajì. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wá kí wa kú ewu ọmọ ni wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀ nígbà tí omi bá ń hó. Kò sí ọmọrí lórí ìkòkò náà rárá. Wọ́n ní omi tí a bá dé mọ́lẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá ó ń hó tàbí kò hó. Ọmọrí wà o, ẹ̀wà ni wọ́n ń fi ṣà.

Bí omi náà bá wá jinná tán, wọ́n á dà á sínú ọpọ́n ńlá, wọ́n á sì bu omi tútù lù ú kó má bàa bó ènìyàn lára. Mo rí i. Èmi tísà físíìsì rí i lójoojúmọ́, mo sì ń kí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo rọ gáàsì ni ó tán. Sìlíńdà wa jẹ́ ti kílò mẹ́fà, kí a tó bímọ, ó máa ń tó oṣù kan kó tó tán, nígbà mìíràn ó máa ń lé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, iná kàn di búlúù kékeré kan, ó ta pà, ó kú. Omi kò tíì gbóná dé ìdajì. Ìyàwó mi ti ró ìró, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró de omi. Ọmọ ń ké. Àna mi yọjú láti ilé ìdáná.

"Bàbá Ìkókó, gáàsì yín ti tán."

"Ó ti tán kẹ̀, Mà? Èyí tí mo rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

"Èyí tí ẹ rọ̀ náà ni. Ẹni tó rọ̀ ọ́ fún yín kò ní fi atẹ́gùn kún un báyìí?"

Wọ́n fi ẹ̀rín sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú mi ti ń gbóná ju omi lọ. Mo ní ìbínú, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Bàbá mi ní i, bàbá bàbá mi ní i, a máa ń jogún rẹ̀ bí ilẹ̀ ni. Mo gbé sìlíńdà lé èjìká pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo fi sùn, ó di ọ̀nà ilé gáàsì.

Ọkùnrin tó ń rọ gáàsì lágbègbè wa kò tíì pé ọdún méjì tó dé. Oríṣiríṣi iṣẹ́ kéékèèké ló ti ṣe nígboro Ìbàdàn kó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Ó jù mí lọ ní bí ọdún márùn-ún. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, Mùsùlùmí tí kì í pariwo, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà níta gbangba níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Òun nìkan ló ń ta gáàsì tí ènìyàn lè gbé sìlíńdà lọ síbẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yẹn, àwọn obìnrin bíi mẹ́fà ló wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú korobá wọn.

Mo sọ sìlíńdà sílẹ̀, gbàà.

"Ìwọ̀n rẹ kò pé!"

Ẹ wò ó, ọkùnrin tó jù mí lọ, tí mo máa ń kí pé ẹ kú òwò, ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí. Gbogbo obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ló yíjú sí wa. Mo ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kílò mẹ́fà rẹ̀ tó. Mo ní èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi. Mo sọ púpọ̀ sí i, n kò ní kọ gbogbo rẹ̀ síbí.

Ọkùnrin náà wò mí. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan, ó la ẹnu, ó wo àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ, ó sì tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó gbé sìlíńdà lé orí ìwọ̀n, ó rọ gáàsì sí i, ó sì pè mí kí n wá wo ibi tí ọwọ́ ìwọ̀n dúró sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tísà," ó ní, "ẹ gbé e lọ wọ̀n níbikíbi tí ọkàn yín bá balẹ̀ sí."

Sùúrù rẹ̀ yẹn tún bí mi nínú. Mo ní kò burú, màá wọ̀n ọ́n.

Mo sì fẹ́ wọ̀n ọ́n lóòótọ́, kí n lè mú un. Ìwọ̀n tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wa kò lè gbé ju kílò méjì lọ, nítorí náà mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ọmọ wa, mo ní kó yá mi ní ìwọ̀n àsorọ̀ tí wọ́n fi ń wọn àwọn ìkókó. Ìyẹn lè gbé kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé ọmọ kò sanra tó ni. Mo ní rárá, sìlíńdà ni mo fẹ́ wọ̀n. Ó gbé e fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kó rùn gáàsì.

Mo so ìwọ̀n náà rọ̀ sára igi àjà ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì fi okùn gbé sìlíńdà kọ́ ọ. Wọ́n máa ń fi òǹtẹ̀ lu ìwọ̀n òfìfo sìlíńdà sí ara ọrùn rẹ̀. Tiwa jẹ́ kílò méje. Bí gáàsì inú rẹ̀ bá pé mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́tàlá. Ọwọ́ ìwọ̀n mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó dúró. Mẹ́tàlá géérégé.

N kò fẹ́ gbà. Mo ní bóyá ariwo mi ló mú un ṣe òótọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú ló ń ṣe mí mọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí ẹ̀rọ ti yí gbogbo àdúgbò ká. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́, wọn ì bá ní ìjà ni. Ṣùgbọ́n tísà ló sọ ọ́, tísà tó ń kọ́ ọmọ wọn ní ìwọ̀n! Mo ń rí àwọn ènìyàn tó ń gbé sìlíńdà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà láti lọ wọ ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn. Alájọgbélé wa kan tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo la òun lójú. Ọkùnrin náà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìrí ẹni rọ̀ fún. Bí mo bá ń kọjá, òun ló ń kọ́kọ́ kí mi.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: bí gáàsì bá pé, ta ló ń jẹ ẹ́? Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kejì tí àna mi dé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, tó fi oko àti ààrò gàrí rẹ̀ sílẹ̀ wá wẹ ọmọ fún un, pé iná rẹ̀ ti pọ̀ jù? Ọkọ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dáyé. Bí mo bá fi ẹ̀sùn kan oní-gáàsì, òun kì í ṣe àna ẹnì kankan tí mo mọ̀. Ibi tí ẹ̀rù mi wà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ni ìbínú mi sì gbà jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú àna mi. Kí wọ́n tó gbé omi kaná, màá ti yọ okùn gáàsì, màá ti wọn sìlíńdà, màá sì dá a padà. Bí wọ́n bá sọ ìkòkò kalẹ̀ tán, màá tún wọ̀n ọ́n. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ìgbà mẹ́rin. Àwọn ìlà orí ìwọ̀n ìkókó kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ra, nítorí náà nígbà kan á fẹ́ jẹ́ igba gíráàmù, nígbà kan á fẹ́ jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kílò kan ni. Ìdajì kílò lójúmọ́, fún omi ìwẹ̀ nìkan. Ọbẹ̀ àti ẹ̀kọ kò tíì sí níbẹ̀. Pẹ̀lú ọbẹ̀ àti ẹ̀kọ, kílò mẹ́fà kò ní ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ lóòótọ́.

Mo wá jókòó sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ògbólógbòó kan, mo ṣe ìṣirò tí mo ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ ṣe láti ọdún mẹ́wàá. Omi lítà mẹ́wàá. Láti inú kẹ́ẹ̀gì, ó tó bíi ìwọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí tẹmómítà, yóò sì hó ní ọgọ́rùn-ún. Ìgbésókè márùndínlọ́gọ́rin. Kilojúùlù la fi ń ka ooru; lítà kan ń fẹ́ mẹ́rin àti díẹ̀ kó tó lè gòkè ní ìwọ̀n kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé díẹ̀. Kílò gáàsì kan ní bíi kilojúùlù ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú. Bí ó bá jẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó ni, pé ooru kankan kò sọnù, gáàsì tí kò tó àádọ́rin gíráàmù ì bá mú ìkòkò yẹn hó.

Ṣùgbọ́n ooru ń sọnù. Ìdajì rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò fò lọ, ó ń fún ògiri àti ọwọ́ onísè ní ooru. Nítorí náà, nǹkan bí ogóje gíráàmù ni yóò ná wa kí omi tó hó. Tó bá jẹ́ pé wọ́n pa iná níbẹ̀, ó parí. Èyí tó kù, ó lé ní ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ìyẹn ló ń jó nígbà tí tẹ̀súbáà ń lọ. Kì í mú omi gbóná sí i rárá. Ó kàn ń gbé omi di oru, ó ń gbé e lọ sí òrùlé ilé ìdáná wa, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n tí mo rò pé òjò ló fà á.

Mo fi kàlẹ́ńdà han ìyàwó mi níbi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín títí tí ọmọ fi já ọmú sílẹ̀.

"Ẹ lọ kà á fún Màmá."

"Èmi kọ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ lè kígbe mọ́ oní-gáàsì?"

Mo ní màá lọ bẹ ọkùnrin náà ní jẹ́jẹ́, nírọ̀lẹ́, nígbà tí ìdí ẹ̀rọ bá dá. Ní ti àna mi, màá mú tẹmómítà ilé ẹ̀kọ́ wá, màá kàn fi í sínú omi bí ẹni tó ń ṣeré, bóyá wọ́n á bi mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àna mi wà lórí ẹní ìrun, mo wọlé ìdáná, mo fi okùn gbé tẹmómítà sínú omi tó ń hó. Omi pupa inú rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, sáré gòkè, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọgọ́rùn-ún. Mo dúró tì í. Ó pẹ́, ó pẹ́, kò kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ yọ ọ́, ohùn kan dún lẹ́yìn mi.

"Kí lẹ sè sínú omi mi?"

Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Kò sí, Mà. Ìwọ̀n ooru ni."

"Ìwọ̀n. Sìlíńdà tí ẹ ń gbé kọ́ lẹ́yìnkùlé láràárọ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà jẹ́ ìkókó?"

Mo ti ń rò pé mò ń yọ́ rìn! Wọ́n ní kí n sọ ohun tí òwú pupa yẹn ń wí. Mo ní ó ń wí pé omi yìí ti gbóná dé ibi tó lè gbóná dé, láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, kí n gbọ̀n ọ́n. Mo gbọ̀n ọ́n, mo kì í sínú omi tútù, òwú wálẹ̀. Mo dá a padà sínú omi híhó, ó sáré padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó dúró. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Àwa méjèèjì dúró níbẹ̀, a ń wo òwú kan bí ẹni ń wo ọ̀kadà tí yóò gbé ni. Kò mira.

"Omi ọ̀hún kò jinná jù báyìí lọ?"

"Kò lè jinná jù bẹ́ẹ̀ lọ, Mà. Ó kàn ń dín ni."

Wọ́n wo inú ìkòkò. Wọ́n mọ ibi tí ẹ̀kún kẹ́ẹ̀gì máa ń dé lára rẹ̀. Omi ti fi bíi ìka kan relẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé ojú sókè wo òrùlé. Mo ń retí pé kí wọ́n bínú, kí wọ́n di báàgì. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa iná, wọ́n sì jókòó sórí àpótí.

"Igi la fi kọ́ wa," wọ́n ní. "Bí mo bá ń dín gàrí, tó bá ti gbẹ, mo máa ń fa igi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yinná á ṣì wà nínú ààrò. Ẹ̀yinná yẹn, ọ̀fẹ́ ni, ta ló máa da omi sí i? Omi ìwẹ̀ la máa ń gbé kà á, á máa hó síbẹ̀ títí ọwọ́ á fi dilẹ̀. Bí ìyá mi ṣe ṣe é nìyẹn." Wọ́n fi ọwọ́ kan sítóòfù. "Èyí kò ní ẹ̀yinná."

Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣàlàyé, n kò tíì fi gbólóhùn kan sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ.

"Èmi ni mò ń jẹ gáàsì yín nígbà náà. Ẹ mọ̀, ẹ kò sì sọ."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún ńkọ́? Wọ́n ní ẹ bú ọkùnrin kan nídìí ẹ̀rọ. Àwọn tó wá kí ìyá ọmọ ló sọ fún mi."

Mo ní mo ti ṣètò láti lọ bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, nígbà tí ibẹ̀ bá dákẹ́. Àna mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò wò mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn.

"Ojú ayé lẹ ti bú u, ẹ wá fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀?"

Wọ́n kọ́kọ́ wẹ ọmọ wọn. Omi náà tó, ó tiẹ̀ ń jó ni, ìyàwó mi pariwo bó ṣe máa ń pariwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wé gèlè, wọ́n sì jáde ṣáájú mi. Kò tíì tó aago mẹ́jọ, korobá kún ìdí ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi àkísà nu ìwọ̀n rẹ̀, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí sì dúró tì í, tó ń yẹ ìwọ̀n náà wò nísàlẹ̀ àti lókè. Kò pẹ́ tó fi yé mi pé ó fẹ́ rà á ni. Ọkùnrin náà ti fẹ́ palẹ̀ mọ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ fò lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ omi ẹ̀rọ, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, lójú àwọn tí mo ń kọ́ ọmọ wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ìwọ̀n ọkùnrin yìí pé. Mo wọ̀n ọ́n, ó pé. Èmi ni mo parọ́ mọ́ wọn. Ẹ dákun, sà, ẹ forí jì mí."

"Ẹ dìde, Tísà, ẹ dìde," ọkùnrin náà ń wí, ó ń fà mí lápá.

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ dáadáa," àna mi ní. Wọ́n kọjú sí àwọn obìnrin. "Èmi ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo jẹ gáàsì náà. Mò ń fi iná sílẹ̀ lábẹ́ omi tó ti hó, mo rò pé ó ń jinná. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìkókó nílé, ẹ lọ wo ìdí ìkòkò yín."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, òmíràn ní, "Háà, ti ilé wa náà nìyẹn o!" Ariwo sọ. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí èmi àti àna mi nìkan lè gbọ́.

"Mo mọ̀, Mà," ó ní. "Kò sí ilé tí wọ́n bá ti bímọ tí gáàsì wọn kì í sáré tán. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ tí mo ti ń rọ̀ ọ́."

Mo gbé orí sókè nínú ẹrẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, sà?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọ̀nyí dúró níbí, wọ́n ń gbọ́. Mo mọ̀ pé àna yín ló wà nílé. Ká sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé àna Tísà ń fi gáàsì ṣòfò? Mo ní kí n kúkú gba èébú náà. Èébú kì í lẹ̀ mọ́ni lára."

Mo rántí bó ṣe la ẹnu lọ́jọ́ náà, tó wo ìdí ẹ̀rọ, tó sì pa á dé. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde. Nítorí orúkọ àna mi, tí kò rí rí, ni ọkùnrin yìí ṣe fẹ́ ta ìwọ̀n rẹ̀; èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn, orúkọ ọkùnrin náà ni mo fi bo ẹ̀rù mi mọ́lẹ̀.

Àna mi ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ náà, àgbàlagbà obìnrin tó lè bí i. Ọkùnrin náà pariwo pé, "Ẹ má ṣe é o, Mà! A kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" òun náà sì dojú bolẹ̀. Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, tí ẹni tó fẹ́ ra ìwọ̀n dúró lórí wa tí kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tó ṣe, ó bi wá pé ṣé wọ́n ṣì ń ta ìwọ̀n ọ̀hún.

"Wọn kò tà á mọ́," àna mi ní láti ilẹ̀.

Wọn kò sì tà á. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé ìwọ̀n ìkókó lọ sí ìdí ẹ̀rọ kí n tó dá a padà fún nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá fẹ́ wá wọn sìlíńdà rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Títí ogójì ọjọ́ fi pé, àna mi ń dé ìkòkò lọ́mọrí. Bí ọmọrí bá ti ń gbọ̀n, wọ́n á pa iná, wọ́n á wá lọ gbé tẹ̀súbáà. Sìlíńdà kejì yẹn fi bíi ọjọ́ mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti jó ìdajì rẹ̀ bí ti àtijọ́ kí wọ́n tó gbọ́. Àwo ni wọ́n wá fi ń ṣa ẹ̀wà.

Mo ṣì ń kọ ìbéèrè náà sójú pátákó lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi pé ẹ má ka ooru tó bá sọnù kún, ọwọ́ mi kì í lè kọ ọ́ mọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kà á kún, kí wọ́n sì ṣọ́ra kí wọ́n tó sọ ẹni tó jẹ ẹ́.